Owó Ìpolówó Tí Kò Pọ̀, Ọjà Mẹ́ta Tó Ń Dúró Dè É: Àgbéyẹ̀wò Láti Ìjọra

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ní Ìjọra ni àwọn alájàpá ti máa ń tò síwájú kóòlù-rúùmù. Kòtè, títọ́sì, ṣáwá àti páńlá ń jáde ní páálí-páálí, wọ́n ń lọ sí Ajégúnlẹ̀, Orílé àti Sùúrùlérè, àwọn mìíràn sì ń gba orí afárá Èkó kọjá sí Àpọ́ńgbọ̀n. Láàárín àwọn tó ń rajà níbẹ̀ lónìí, àwọn kan wà tí wọn kò ní ìsọ̀ rárá. Wọ́n á ra páálí díẹ̀, wọ́n á gé ẹja náà, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á dì í sínú ọ̀rá ní kílò-kílò, wọ́n á sì fi orúkọ tiwọn sí i lára. Ọlọ́kadà ló ń gbé e dé ilé oníbàárà. Orí fóònù ni ìsọ̀ wọn wà, nítorí náà owó ìpolówó ti di bí owó ìsọ̀ fún wọn.

Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè: nínú owó tí mo lè ná sórí ìpolówó lóṣù, èló ni kí n fún Google, níbi táwọn èèyàn ti ń wá nǹkan? Èló ni kí n fún Facebook àti Instagram? Èló ló yẹ fídíò? Mo fẹ́ mú irú olówò bẹ́ẹ̀ kan, obìnrin tó ń ta ẹja yìnyín láti Ìjọra, tó ní ₦150,000 lóṣù, kí a fi ìṣirò rẹ̀ yẹ ìdáhùn tó wà nílẹ̀ wò. Ibikíbi tí mo bá ti wí pé "ká sọ pé", àpẹẹrẹ ni iye náà. Ẹni tó ń ka èyí yóò fi ti ìwé ọjà tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Ìdáhùn tó rọrùn jù ni kí a pín owó náà sí ọ̀nà mẹ́ta ọgbọọgba. Ó dà bí ìdájọ́ òdodo, àmọ́ kò sí òdodo kankan nínú rẹ̀, nítorí pé ọjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò jẹun bákan náà. Ọ̀kan ní ibi tó ga dé tí owó kò ní í wúlò mọ́. Òmíràn ní iye tí owó kò gbọdọ̀ kéré sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀kọ́ kankan kò ní í ti ibẹ̀ jáde. Ìdáhùn kejì ti inú ìwé wá. Ní 2013, Les Binet àti Peter Field tẹ ìwádìí kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì dá a lábàá pé kí a fi nǹkan bí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó sórí mímú kí orúkọ ọjà wọ ọkàn èèyàn, kí a fi ogójì sórí títà ojú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n inú àkójọ ìpolówó tó du ẹ̀bùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti yọ iye náà, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tí ọjà wọn ti wà ní gbogbo ìsọ̀. Ẹni tí oníbàárà rẹ̀ kò tíì pé ọgọ́rùn-ún kò lè fi ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ dúró de ohun tí yóò so èso lọ́dún méjì sí i.

Ìdáhùn kẹta ni èyí tí ọ̀pọ̀ ń ṣe láìrò ó: kí wọ́n tẹ bọ́tìnì aláwọ̀ búlúù tó wà lábẹ́ àwòrán lórí Instagram, kí wọ́n fi ₦5,000 sí i lónìí, kí wọ́n tún fi ₦3,000 sí òmíràn lọ́tùnlá. Àwọn èèyàn á fi ọkàn pupa sí i, ẹja á sì wà nínú firísà.

Ohun tí mo rí ni pé kì í ṣe ìdá ló yẹ kí a kọ́kọ́ wá. Iye tí oníbàárà tuntun kan lè gbé ló yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀. Ká sọ pé obìnrin wa yìí, lẹ́yìn owó ẹja, ọ̀rá, yìnyín àti ìgbéjàrelé, ń jèrè ₦3,000 lórí ẹrù kílò márùn-ún. Ká sọ pé ìwé rẹ̀ fi hàn pé oníbàárà tuntun máa ń rà tó ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù mẹ́ta. Èrè orí ẹni náà di ₦9,000. Bó bá gbà láti fi ìdá mẹ́ta rẹ̀ wá ẹni náà, ₦3,000 ni òkè ibi tí owó wíwá oníbàárà kan gbọdọ̀ dé. Ẹni tí kò bá ní iye yìí lọ́wọ́ kò ní í mọ ọjà tó wọ́n yàtọ̀ sí èyí tí kò wọ́n, nítorí pé ₦2,800 lórí oníbàárà kan lè jẹ́ èrè fún ẹlẹ́ja, kó sì pa ẹni tó ń ta búrẹ́dì.

Owó orí tún wà. Ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni VAT nílẹ̀ wa láti 2020, Facebook sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ ọ́ lórí ìpolówó àwọn ará Nàìjíríà ní January 2022. Kí a má ka owó yìí mọ́ owó ìpolówó. Èmi yóò kọ́kọ́ ya ₦20,000 sọ́tọ̀ fún yíya fídíò, ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú. ₦130,000 ló kù; bí a bá yọ VAT nínú rẹ̀, nǹkan bí ₦121,000 ló wà fún ìpolówó gan-an. Nígbà tó bá sì ń ṣí àkáǹtì Google Ads, kó mú náírà, nítorí pé owó ìlú tí a bá fi ṣí i kò ṣeé pààrọ̀ lẹ́yìn náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Google. Ẹni tó tẹ `where to buy titus fish in Lagos` ti pinnu láti rà, ibi tí yóò ti rà ni kò mọ̀. Kò sí ẹni tó sún mọ́ àpò rẹ̀ ju onítọ̀hún lọ, òun ló sì yẹ kí a kọ́kọ́ náwó lé lórí. Gbàǹjo ni wọ́n fi ń ta àyè náà: gbogbo ẹni tó fẹ́ kí ìpolówó tòun yọ lórí ọ̀rọ̀ yẹn ń dá iye, Google sì ń wo iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá pẹ̀lú bí ìpolówó àti ojú ewé rẹ̀ ṣe bá ìbéèrè mu. Ìgbà tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ nìkan la ń sanwó.

Ibi tí wàhálà wà ni pé àwọn olùwá yìí kò pọ̀. Owó wa kò lè bí wọn sí i. Google ní irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Keyword Planner tó ń fi iye ìgbà tí wọ́n wá ọ̀rọ̀ kan hàn. Fún àkáǹtì tí kò tíì náwó púpọ̀, ìdíwọ̀n fífẹ̀ ló máa ń fún un, bíi `100 – 1K`. Ká sọ pé ní gbogbo àdúgbò tí ọlọ́kadà rẹ̀ lè dé kí yìnyín tó yọ́, láti Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ dé Sùúrùlérè, Ẹ̀bùtè Mẹ́tà àti Èkó Ìsàlẹ̀, ìwákiri tó bá ọjà rẹ̀ mu jẹ́ 3,000 lóṣù, kí ìpolówó rẹ̀ yọ nínú 2,000, kí ẹni mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn jẹ́ títẹ̀ 160. Bí títẹ̀ kan bá jẹ́ ₦150, gbogbo ohun tí Google lè jẹ lóṣù jẹ́ ₦24,000. Bí ẹnì kan nínú mẹ́rìndínlógún bá sì rà, oníbàárà mẹ́wàá ló dé, ₦2,400 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èyí dára, ó wà lábẹ́ ₦3,000.

Kí wá ló máa ṣẹlẹ̀ bó bá fi ₦50,000 síbẹ̀ nítorí pé ₦24,000 ṣe dáadáa? Google kò ní í dá owó padà fún un. Bó bá fi ọ̀rọ̀ ìwákiri sílẹ̀ ní `Broad match`, ìpolówó á bẹ̀rẹ̀ sí yọ fún ẹni tó ń wá iṣẹ́ ní kóòlù-rúùmù, ẹni tó fẹ́ kọ́ kóòlù-rúùmù, ẹni tó ń béèrè owó oúnjẹ ẹja odò, àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá bí wọ́n ṣe ń kọ ètò òwò ẹja. Gbogbo wọn á tẹ̀ ẹ́, a ó sanwó, ẹnikẹ́ni kò ní í ra kílò kan. A máa ń rí i kedere nínú ojú ewé tí wọ́n ń pè ní `Search terms`, tó ń to ọ̀rọ̀ gan-an tí èèyàn tẹ̀. Kó máa ka ojú ewé yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó sì máa kó ọ̀rọ̀ bíi `job`, `vacancy`, `construction`, `for rent` àti `business plan` sínú àwọn tí òun kò fẹ́, `Negative keywords`. `Phrase match` àti `Exact match` ni kó fi bẹ̀rẹ̀.

Ìdẹkùn kejì wà níbi yíyan àdúgbò. Bí Google bá ṣe wà láti ilẹ̀, kì í ṣe ẹni tó wà l'Ékòó nìkan ló máa rí ìpolówó náà; ẹni tó fi ìfẹ́ hàn sí Èkó láti ibikíbi náà á rí i. Ọmọ wa tó wà ní Peckham tó ń ka ìròyìn ilé lè tẹ ẹja tí kò lè rà. `Presence` ni kó yàn. Ní ti iye ojúmọ́, ₦24,000 tí a bá pín sí 30.4, tí í ṣe iye ọjọ́ tí Google ń kà fún oṣù kan, jẹ́ nǹkan bí ₦790. Kó má bẹ̀rù bó bá rí i pé wọ́n ná ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Wọ́n gba ara wọn láyè bẹ́ẹ̀, àmọ́ àpapọ̀ oṣù kò ní í kọjá ohun tó fọwọ́ sí.

Àwọn kan máa ń béèrè bóyá ó yẹ kí èèyàn ra orúkọ ọjà ara rẹ̀ lórí Google. Ìdánwò tí eBay ṣe dáhùn ìyẹn fún mi. Thomas Blake, Chris Nosko àti Steven Tadelis dá ìpolówó dúró láwọn ibì kan kí wọ́n lè wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀, àbájáde wọn sì jáde nínú ìwé ìròyìn Econometrica ní 2015. Nígbà tí eBay kò sanwó lórí orúkọ ara rẹ̀ mọ́, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àwọn tó ń wá a ló gba ọ̀nà ọ̀fẹ́ wọlé. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbàgbé nínú iṣẹ́ náà ni pé ìpolówó lórí ọ̀rọ̀ mìíràn ṣiṣẹ́ lára ẹni tuntun àti ẹni tí kì í rà déédéé. Ara àwọn tó ti mọ eBay tẹ́lẹ̀ ló ti ṣòfò. Fún òwò kékeré tuntun, ìròyìn ayọ̀ ni, torí pé gbogbo èèyàn ló jẹ́ ẹni tuntun sí i.

Facebook àti Instagram yàtọ̀ pátápátá. Kò sí ẹni tó wá ẹja wá síbẹ̀. Àwa la ń dá wọn dúró lọ́nà, èèyàn sì pọ̀ níbẹ̀ débi pé kò sí òkè tí ₦121,000 lè kàn. Ìṣòro ibẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ Meta ló ń yan ẹni tó máa rí ìpolówó, ó sì ní láti kọ́ irú ẹni tó ń ṣe ohun tí a fẹ́. Meta fúnra rẹ̀ sọ pé ìgbà tí ohun tí a fẹ́ náà bá ti ṣẹlẹ̀ tó nǹkan bí 50 lọ́sẹ̀ kan, lábẹ́ ìdìpọ̀ ìpolówó kan, ni ẹ̀rọ náà tó ń kúrò nípò akẹ́kọ̀ọ́. Ìṣirò yìí ló yẹ kó pín owó fún wa ju ìwé kankan lọ.

Ká sọ pé ẹni kan tó tẹ ìpolówó tó sì kọ̀wé sí WhatsApp wa ń ná wa ní ₦200. Àádọ́ta irú rẹ̀ jẹ́ ₦10,000 lọ́sẹ̀, ìyẹn nǹkan bí ₦43,000 lóṣù. A lè gbé e. Ká sọ pé nínú ẹni mẹ́rìnlá tó kọ̀wé, ẹnì kan ló rà: oníbàárà kan di ₦2,800. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó rà la ní kí ẹ̀rọ náà máa wá, àádọ́ta wọn yóò jẹ́ ₦140,000 lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, owó tó ju ₦121,000 tí a ní fún ìpolówó ní gbogbo oṣù lọ. Nítorí náà, bó ti wù kí olùkọ́ orí YouTube tẹnu mọ́ ọn tó pé "títà ni kí ẹ wá", olówò kékeré ní láti wá àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ di títà.

Láti inú èyí náà la ti rí ìdí tí kò fi yẹ kó ṣí ìdìpọ̀ mẹ́rin: ọ̀kan fún Ajégúnlẹ̀, ọ̀kan fún Sùúrùlérè, ọ̀kan fún ìyàwó ilé, ọ̀kan fún oníbùkátéríà. ₦86,000 ni mo fẹ́ fún Facebook àti Instagram lóṣù; bí a bá pín in sí mẹ́rin, kò fún ọ̀kankan ní ₦10,000 lọ́sẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa kọ́ ẹ̀kọ́ lọ láìjáde, owó orí àtẹ̀jíṣẹ́ á sì máa lọ sókè sódò lójoojúmọ́. Ìdìpọ̀ kan ni kó ṣí, ₦20,000 lọ́sẹ̀, kó fi ìpolówó mẹ́ta tó yàtọ̀ síra sínú rẹ̀. Ìyẹn ń mú ọgọ́rùn-ún àtẹ̀jíṣẹ́ wá lọ́sẹ̀, ìlọ́po méjì ohun tí ẹ̀rọ náà ń béèrè. Lóṣù, ó jẹ́ nǹkan bí ọgbọ̀n oníbàárà.

Ibo wá ni fídíò wà? Èrò mi nìyí, mo sì dúró lé e: lọ́dún àkọ́kọ́, kí fídíò má ní àpò tirẹ̀ láti fi ra àyè ìpolówó. Kó gba owó ìyàwòrán, kó sì gba inú àpò Facebook àti Instagram jáde. ₦20,000 tí a yà sọ́tọ̀ níbẹ̀rẹ̀ wà fún ẹni tó máa ya fídíò mẹ́ta sí mẹ́rin láàárọ̀ kan ní Ìjọra: páálí tó ń jáde látinú kóòlù-rúùmù, ẹja tí wọ́n ń wọ̀n lórí ìwọ̀n kí oníbàárà lè rí i pé kílò pé, ọlọ́kadà tó ń gbé e sínú kúlà. Àwọn fídíò yẹn ló máa di ìpolówó mẹ́ta inú ìdìpọ̀ kan náà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣi mí gbọ́ pé YouTube kò dára. Ètò ìsanwó rẹ̀ tilẹ̀ dára fún aláìní: lórí ìpolówó tí èèyàn lè fò lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, a kì í sanwó àfi bí ó bá wò ó dé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, tàbí dé òpin bí fídíò náà kò bá gùn tó bẹ́ẹ̀, tàbí bí ó bá tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá sọ orúkọ àti iye owó kílò láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún àkọ́kọ́ ti gba ọ̀pọ̀ ojú lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo fíìmù lórí YouTube kì í fẹ́ kúrò níbẹ̀ lọ ra ẹja; ohun tí fídíò ń ṣe fún un ni pé yóò rántí orúkọ náà lọ́jọ́ mìíràn, ìyẹn sì ń béèrè pé kó rí i léraléra. Dátà náà wọ́n sí i lẹ́yìn tí àjọ NCC fọwọ́ sí àfikún tó tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ní January 2025, èyí tó mú kí ọ̀pọ̀ máa ṣọ́ ohun tí wọ́n ń wò. Ní ti TikTok, ojú ìwé àwọn olùpolówó rẹ̀ kò gba iye tó kéré sí dọ́là ogún lóòjọ́ fún ìdìpọ̀ kan. Bí a bá ka dọ́là sí ₦1,500, ₦30,000 ni. Gbogbo ₦121,000 wa á tán ní ọjọ́ mẹ́rin. Bọ́tìnì `Promote` inú áàpù náà ń gba owó tó kéré jù bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò fún ni ní agbára tó pọ̀.

Bó ṣe tò nìyí: ₦24,000 fún Google, ₦86,000 fún Facebook àti Instagram, nǹkan bí ₦11,000 kù. Èyí tó kù ni mo fi pa mọ́ de owó oṣù. Láti nǹkan bí ọjọ́ 25 ni owó oṣù ń wọlé l'Ékòó, ìgbà náà sì ni ilé tó ní firísà máa ń ra kílò mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan. Kó bẹ̀rẹ̀ sí fi í kún ti Facebook láti bí ogúnjọ́, díẹ̀díẹ̀, kó má fò ó sókè lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé ìyípadà ńlá lójijì lè dá ẹ̀rọ náà padà sípò akẹ́kọ̀ọ́ lọ́sẹ̀ tí a nílò rẹ̀ jù.

Báwo la ṣe máa mọ ibi tí oníbàárà ti wá? Kó má gba ìròyìn Google àti ti Facebook lásán, torí pé àwọn méjèèjì lè gba orí ẹni kan náà. Ìkà tí Facebook fi sílẹ̀ láti ilẹ̀ máa ń ka ẹni tó tẹ ìpolówó lọ́jọ́ méje sẹ́yìn, àti ẹni tó kàn rí i lánàá láì tẹ̀ ẹ́ pàápàá. Ọ̀nà tó rọrùn ni kí àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀ sọ ibi tó ti wá. Lójú ewé kan ṣoṣo tó kó iye owó ẹja sí, tí ìpolówó Google ń gbé èèyàn wá, kí bọ́tìnì WhatsApp ní ọ̀rọ̀ tó ti wà nínú rẹ̀:

```
https://wa.me/234XXXXXXXXXX?text=Mo%20ri%20yin%20lori%20Google
```

Kí ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìpolówó Facebook yàtọ̀ sí èyí. Kó fi àmì kan sí ara oníbàárà kọ̀ọ̀kan nínú WhatsApp Business, kó sì kọ ẹni tó rà, iye kílò àti àdúgbò sínú ìwé. Lópin oṣù, kó pín owó tó ná lórí ọjà kọ̀ọ̀kan sí iye ẹni tó rà láti ibẹ̀, kó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ₦3,000.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni iye yẹn máa ń ga ju òkè lọ láìjẹ́ ẹ̀bi ìpolówó. Àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́rìnlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóòjọ́ kò dà bí ẹni pé ó pọ̀, àmọ́ bí wọ́n bá dé ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ tí ẹlẹ́ja sì dáhùn lówurọ̀, èèyàn á ti rà níbòmíràn. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá ń pọ̀ tí títà kò pọ̀, kó kọ́kọ́ wo wákàtí tó fi ń dáhùn, lẹ́yìn náà owó ìgbéjàrelé, kó tó fọwọ́ kan ìpín owó. Tírélà àti táńkà tó dí ọ̀nà Àpápá máa ń sọ ₦2,000 ọlọ́kadà di ₦4,000 lójijì, èyí tó pọ̀ jù nínú èrè orí kílò márùn-ún á sì lọ.

Ìpín yìí kì í ṣe ti ayérayé. Lórí Google, bí `Search impression share` bá fi hàn pé ìpolówó ti ń yọ fún èyí tó pọ̀ jù nínú ìwákiri tó bá a mu, kó má fi kọ́bọ̀ kún un, àfi bó bá fi àdúgbò tuntun tàbí irú ẹja tuntun kún ọjà. Ìgbà tí èrè bá gba ₦200,000 lóṣù fún ìpolówó ni mo lè fún YouTube ní àpò tirẹ̀, ₦30,000, fún oṣù mẹ́ta gbáko. Ohun tí a ó fi wọ̀n ọ́n kì í ṣe iye ojú tó wò ó. Google Business Profile, tí kò gba kọ́bọ̀, ń fi ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn tẹ̀ kí wọ́n tó rí òwò kan hàn. Kó kọ iye ẹni tó tẹ orúkọ òwò rẹ̀ gan-an sílẹ̀ kí fídíò tó bẹ̀rẹ̀, kó tún wò ó lóṣooṣù. Bí iye náà bá ń gòkè, fídíò ń ṣiṣẹ́. Bí oṣù kẹta bá parí tí kò mì, kó dá ₦30,000 náà padà sí Facebook.